Lẹ́tà ìjẹ́rìí tí olùkọ́ mi kọ fún másítà èdè Rọ́ṣíà: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí kí n padà lọ bá wọn?

Táíwò_Èjìrẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èdè Rọ́ṣíà ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti parí. Másítà lórí bí a ṣe ń kọ́ àjèjì ní èdè Rọ́ṣíà ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún, èdè Rọ́ṣíà náà ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi lẹ́tà ìjẹ́rìí olùkọ́ kún ìwé mi. Olùkọ́ mi ti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti ní kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀. Kókó ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Mo mọ Táíwò dáadáa. Ó níwà, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ilé rere ló ti wá. Kì í pẹ́ dé kíláàsì. Máàkì tó fi jáde jẹ́ 3.62. Ó ń sọ èdè Rọ́ṣíà bí ọmọ bíbí ìlú wọn. Mo gbàgbọ́ pé ẹ ó gbà á. Kí Ọlọ́run bùkún yín."

Ṣé ó tó? Ojú ń tì mí láti padà lọ bá wọn.

Kúnlé_Lẹ́ẹ̀dì

Àbúrò, ẹ̀rù bà mí fún ọ. Lẹ́tà yẹn kò yẹ kó dé ọwọ́ rẹ rárá. Nígbà tí mo ń wọ másítà níbí ní ìlú Ọba, orúkọ àti ímeèlì olùkọ́ mi nìkan ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ilé ẹ̀kọ́ fi líǹkì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dáhùn tààrà, n kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ títí di òní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí lẹ́tà náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ béèrè líǹkì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

Bùrọ̀dá Kúnlé, bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín lẹ sọ, ẹ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ti Rọ́ṣíà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń gba lẹ́tà náà lórí ìwé tó ní àkọlé ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọjọ́, ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ ẹ̀ka, tí yóò sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára pọ̀ mọ́ àwọn ìwé yòókù. Òǹtẹ̀ yẹn ni kí àbúrò wa mú ní ọ̀rọ̀ gidi. Èèyàn lè rò pé nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ibẹ̀, ìwé ilé iṣẹ́ tí kò ní òǹtẹ̀ dà bí ìwé tí ẹnì kan jókòó sílé kọ.

Táíwò, ìlú Fóróníẹ̀sì ní Rọ́ṣíà ni mo ti ṣe irú másítà tí o fẹ́ lọ ṣe yẹn, mo sì fi ọdún méjì ran ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń to ìwé àwọn tó fẹ́ wọlé. Ẹ̀mí mi kò ní balẹ̀ bí mo bá sọ fún ọ pé lẹ́tà yìí tó. Kò tó. Padà lọ bá wọn.

Kì í ṣe pé wọ́n kọ ohun búburú nípa rẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a lè pa orúkọ rẹ rẹ́ ká fi orúkọ ẹlòmíràn sí i, kí ohunkóhun má yàtọ̀. Ẹni tó ń ka ìwé lọ́hùn-ún fẹ́ mọ̀ bóyá o lè jókòó sínú kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ Rọ́ṣíà, kí o ka ìwé gírámà wọn, kí o sì kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀. Olùkọ́ tó kọ́ ọ ló fojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí ó fojú rí yẹn ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà.

Ìwọ sọ fún wa ná: kí ni olùkọ́ yìí rí nípa èdè Rọ́ṣíà rẹ tí ẹlòmíràn kò rí? Kí lo kọ pírójẹ́ẹ̀tì lé lórí?

Ọ̀gá_Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí ẹ kò tíì bi ọmọ yìí ni ipò ẹni tó kọ lẹ́tà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó lọ bá. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fọwọ́ sí ìwé, kódà bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn, ó wúwo ju ojú ewé mẹ́ta tí olùkọ́ kékeré kọ lọ. Kó lọ bá olórí ẹ̀ka tàbí gíwá fún un.

Táíwò_Èjìrẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka wa, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n ń kọ́, wọn kò kọ́ mi rí. Olùkọ́ tó kọ lẹ́tà yìí ló kọ́ mi ní gírámà ní ọdún kejì àti ìkẹta, àwọn náà ló sì bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi.

Àǹtí, "lọ" ni pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lé. Lọ́dún kejì mo sọ ní kíláàsì pé mò ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní «Я иду в Ибадан». Olùkọ́ dúró, wọ́n ní, "Láti Èkó? Ẹsẹ̀ rẹ yóò wú o." Ọ̀rọ̀ tí mo lò, ìrìn ẹsẹ̀ ni. Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀, «еду» ló yẹ kó sọ. Nínú Yorùbá, "mò ń lọ" ni, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tó kan pírójẹ́ẹ̀tì, mo gba àròkọ 40 lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, mo ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣi irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí lò, mo sì ṣe ìdánrawò mẹ́fà tí olùkọ́ fi kọ́ wọn lẹ́yìn náà. Wọ́n ṣì ń lò ó títí di báyìí.

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

Táíwò! Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà rẹ nìyí, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ níbẹ̀. O ṣàṣìṣe, o lóye ìdí tí o fi ṣe é, o lọ wá a lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, o sì ṣe ìdánrawò tí olùkọ́ ń lò. Másítà tí o fẹ́ lọ ṣe, iṣẹ́ yìí gan-an ló dá lé: kí la fi ń kọ́ àjèjì, ibo ló sì ti máa ń kọsẹ̀? Kò sí olùkọ́ níbẹ̀ tí yóò ka èyí tí kò ní fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún yín, ṣùgbọ́n n kò lè gbà pẹ̀lú yín lórí èyí. Ipò máa ń ràn án lọ́wọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá kọ́ ọmọ náà. Bí kò bá kọ́ ọ, kí ni yóò jẹ́rìí sí? Olùkọ́ tó bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì ni mo máa gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ bá, kódà bí kò bá tíì gba dókítà. Bí ètò náà bá béèrè lẹ́tà méjì, kí ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka.

Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ rẹ, báyìí ni mo máa kọ apá àárín lẹ́tà náà. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ lè rí i:

"Mo kọ́ Táíwò ní gírámà èdè Rọ́ṣíà fún ọdún méjì, mo sì bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Nígbà tó dé kíláàsì mi, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn ẹsẹ̀ àti ti ọkọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè rẹ̀ ní fún méjèèjì. Lọ́dún tó fi parí, ó ti yẹ àròkọ 40 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní wò, ó ṣàlàyé irú àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe, ó sì ṣe ìdánrawò mẹ́fà tí mo ṣì ń lò ní kíláàsì. Ó ń ka ìwé gírámà tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ fún ara wọn láìsí ìrànlọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì máa ń falẹ̀ bí ó bá ń bá ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀ jiyàn."

Má jẹ́ kí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn bà ọ́ nínú jẹ́. "Ó ń sọ ọ́ bí ọmọ bíbí ìlú wọn" ló léwu. Wọn yóò rí ìwé-ẹ̀rí ìdánwò èdè rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà. Ìpele wo ni tìrẹ?

Táíwò_Èjìrẹ́

ТРКИ-2 ni mo ní, Àǹtí, ìpele kejì ìdánwò èdè Rọ́ṣíà fún àjèjì. Mo yege apá márààrún, ṣùgbọ́n 69 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà ní apá fífetísílẹ̀.

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

O káre. 66 ni wọ́n fi ń yege, o sì kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba 69 ní fífetísílẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tó ń sọ ọ́ bí ọmọ bíbí ìlú. Ẹni tó bá ka ìwé méjèèjì pa pọ̀ yóò rò pé olùkọ́ náà kò mọ èdè Rọ́ṣíà tó láti dá ọ mọ̀, tàbí pé kò bìkítà. Gbogbo ohun rere tó kù nínú lẹ́tà á sì di ohun tí wọn kò lè gbà gbọ́. Kí lẹ́tà sọ ohun tí ìdánwò kò lè sọ: pé o ń kàwé jinlẹ̀, pé o mọ bí a ṣe ń kọ́ni.

Máàkì náà nìyí. 3.62 nínú 5 ní Nàìjíríà, ìpín kejì ti òkè ni, máàkì tí à ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n máàkì ti Rọ́ṣíà náà, 5 ló ga jù níbẹ̀: 5 ni "ó dára gan-an", 4 ni "ó dára", 3 ni "ó kàn tẹ́ni lọ́rùn", 2 sì ni ẹni tó kùnà. Bí ẹni tó ń yára kàwé bá rí 3.62, yóò rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ń rá pálá ni. Mo rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Gánà kan tí 4 ló ga jù nínú òṣùwọ̀n tirẹ̀. Kí olùkọ́ rẹ kọ ìpín tí o wà, kí wọ́n sì kọ ipò tí o dì mú nínú kíláàsì. Ẹ̀yin mélòó lẹ jáde?

Táíwò_Èjìrẹ́

Àwa mẹ́sàn-án ni. Èmi ni mo ṣe ipò kejì. Kò sẹ́ni tó wà ní ìpín kìíní.

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

"Ẹni kejì nínú àwọn mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó wà ní ìpín kìíní lọ́dún náà." Ẹ rí i, gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì ti yí 3.62 padà pátápátá.

Ìyá_Dámọ́lá

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo bọ́ sí i láàárín. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì, ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ lọ kà ní Rọ́ṣíà, kò gbọ́ èdè wọn rárá. Wọ́n ní yóò kọ́kọ́ fi ọdún kan kọ́ èdè. Ṣé bí tíṣà rẹ̀ bá kọ irú lẹ́tà tí ẹ ń sọ yìí, wọn yóò fo ọdún náà fún un?

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

Rárá o, Ìyá Dámọ́lá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí ètò náà bá jẹ́ ti èdè Rọ́ṣíà, yóò ṣe ọdún ìmúrasílẹ̀ náà, yóò sì ṣe é gan-an, nítorí ibẹ̀ ló ti máa kọ́ orúkọ egungun àti iṣan ní èdè wọn. Ti Táíwò yàtọ̀, ó ti gbọ́ èdè náà kó tó lọ. Ẹ ṣí ojú ewé tiyín, ẹ pè mí síbẹ̀, màá dá yín lóhùn.

Ọ̀gá_Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Àǹtí, mo ti ka ohun tí ẹ kọ, mo sì gbà pé ẹni tó mọ ọmọ náà ni kó kọ ọ́. Mo yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Olùkọ́ tó ní ọgọ́rùn-ún méjì ìwé ìdánwò nílẹ̀ kò ní jókòó rántí Ìbàdàn àti ẹsẹ̀ wíwú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ lẹ́tà wá, èmi a kà á, màá ṣàtúnṣe, màá sì fọwọ́ sí i. Kí Táíwò kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kó gbé e lọ.

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

Ọ̀gá wa, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì wá láti ẹ̀ka kan náà, olùkọ́ kan náà ló fọwọ́ sí lẹ́tà méjèèjì, gbólóhùn mẹ́rin sì bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ó hàn pé ọ̀kan ló yá ti èkejì wò. A fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtìjú ẹ̀ka náà ni, nítorí pé ọdún tó tẹ̀ lé e, bí lẹ́tà bá ti ibẹ̀ wá, ojú a máa yàtọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n kọ ojú ewé ìrántí kan, kì í ṣe lẹ́tà. Ọdún tí wọ́n kọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe, àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì àti ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ìpín àti ipò, orúkọ ètò tí wọ́n fẹ́ wọ̀, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Kí Táíwò fi ìtàn Ìbàdàn náà síbẹ̀. Olùkọ́ yóò rántí, ohùn ara rẹ̀ ni yóò sì fi kọ ọ́.

Ọ̀gá_Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Mo gbọ́. N kò sọ pé kí ọmọ méjì yá ara wọn wò, ìyẹn olè ni. Mo ṣì dúró lórí ohun tí mo sọ, bí olùkọ́ bá kà á tó sì tún un ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Kúnlé_Lẹ́ẹ̀dì

Níbí, bí wọ́n bá mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, wọ́n lè fagi lé gbogbo ìwé rẹ̀. Àbúrò, ti Àǹtí ni kí o tẹ̀ lé.

Táíwò_Èjìrẹ́

Ojú ewé ìrántí ni màá gbé lọ, kó lè rọrùn fún wọn. Mo dúpẹ́ gan-an. Ìtumọ̀ tí mo ti ṣe ńkọ́? Mo ti sanwó fún un. Ẹ wo ìlà kìíní àti ìlà kẹrin:

«Таиво училась у меня два года…»
«…всегда приходил вовремя.»

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

Ó mà ṣe o! Wo ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Ní ìlà kìíní, obìnrin ni ọ́, «училась». Ní ìlà kẹrin, o ti di ọkùnrin, «приходил». Yorùbá ní "ó", kò bi wá léèrè. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, bí olùkọ́ bá kọ "akẹ́kọ̀ọ́ yìí", kò bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní Rọ́ṣíà, ohun tó ti kọjá kò ṣeé sọ láì sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló ṣe é. Táíwò sì jẹ́ orúkọ tí takọ-tabo ń jẹ́, nítorí náà ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kàn fojú dá a ni. Mú bírò pupa, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá parí sí «-л» tàbí «-лся». Obìnrin ni ọ́, nítorí náà ibi tó bá ti jẹ́ ìwọ ló ṣe nǹkan náà, «-ла» tàbí «-лась» ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Wo orúkọ rẹ pẹ̀lú. Kí ni wọ́n kọ sínú ìtumọ̀ páásípọ́ọ̀tù rẹ tí nótárì fọwọ́ sí?

Táíwò_Èjìrẹ́

Èyí gan-an ló ń pa mí láyà báyìí. «Тайво» ni nótárì kọ, «Таиво» ló wà nínú lẹ́tà. Orúkọ bàbá mi náà, Ṣ ló bẹ̀rẹ̀, a ló parí. Páásípọ́ọ̀tù kọ ọ́ ní S lásán, nótárì kọ «С», lẹ́tà kọ «Ш», ó sì tún fi «у» parí rẹ̀ dípò «а»!

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

«у» yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ní ibi tí olùkọ́ ti sọ pé "mo dámọ̀ràn ẹni báyìí", gírámà wọn máa ń yí orúkọ tó bá parí sí «а» padà. Wole Ṣóyínká ni «Шойинка» lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé àwọn ka ìwé rẹ̀ tàbí àwọn rí i, ìparí yẹn á yí. Orúkọ tó bá parí sí «о» bíi Тайво kì í yí ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n «Ш» àti «С» yẹn ni kí o tún ṣe. Mo mọ̀ pé «Ш» ló bá bí bàbá rẹ ṣe ń pe orúkọ náà mu, ó sì dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ti nótárì ni kí gbogbo ìwé tẹ̀ lé. Orúkọ inú ìtumọ̀ páásípọ́ọ̀tù ni wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ìgbaniwọlé, kí wọ́n má bàa rò pé ti ẹni méjì ni. Ní òkè lẹ́tà, kí orúkọ rẹ wà lẹ́ẹ̀kan láìyí padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè orúkọ tí wọ́n ń fa yọ lára orúkọ bàbá, tí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń ní, fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. A kò ní irú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé olùkọ́ rẹ kò lè fi èdè Rọ́ṣíà kọ lẹ́tà náà fúnra wọn? Olùkọ́ èdè Rọ́ṣíà tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wọn yóò gbà á níbi tí ètò bá ti fàyè gbà á, ṣùgbọ́n a máa ń ṣe kàyéfì.

Táíwò_Èjìrẹ́

N kò ronú kàn án. Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ń lò fún irú ìwé yìí.

*(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà)*

Táíwò_Èjìrẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Mo gbé ojú ewé ìrántí náà lọ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí wọ́n dé ibi Ìbàdàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Wọ́n gbà láti fi èdè Rọ́ṣíà kọ ọ́. Ojú ewé kan ni, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, obìnrin ni mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ mi sì bá ti nótárì mu. Wọ́n kọ ìpín, wọ́n kọ "ẹni kejì nínú àwọn mẹ́sàn-án." Wọ́n kọ pé ìdánrawò mẹ́fà náà ṣì wà ní kíláàsì.

Ohun kan tó ṣẹ́ kù ni pé wọ́n kọ̀ láti yọ "ilé rere ló ti wá." Wọ́n ní bí àwọn ará Rọ́ṣíà kò bá fẹ́ mọ̀, àwọn fẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀gá_Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ló ni lẹ́tà.

Àǹtí_Fóróníẹ̀sì

Èmi ì bá yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní pa ọ́ lára nígbà tí ìyókù bá dúró bẹ́ẹ̀. Gbé e sórí ayélujára ní àwòrán aláwọ̀ mèremère, má ṣe ẹ̀dà dúdú-òun-funfun, kí òǹtẹ̀ àti bírò aláwọ̀ búlúù náà lè hàn. Fi ìwé gidi náà pamọ́, wọ́n lè béèrè rẹ̀ bí o bá débẹ̀.